VPN tàn lórí fóònù yín: ẹ wo ohun tí onírẹ́sọ́ àti ọ̀gá ibi iṣẹ́ ṣì ń rí



Ọ̀rọ̀ VPN la fẹ́ sọ lónìí, nítorí ohun tí àwọn èèyàn wa ń sọ nípa rẹ̀ ti kọjá òótọ́. "Ṣáà tan VPN, kò sẹ́ni tó máa rí ẹ mọ́." Irọ́ ni. Ká ní irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára ni, à bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Kútọnu àti Lómè ti gbà á gbọ́. Wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ọ̀gá wá iṣẹ́ mìíràn, wọ́n ń fi í bá lọ́yà sọ̀rọ̀, àwọn kan tiẹ̀ ń fi í kọ ẹ̀sùn nípa ọ̀gá yẹn kan náà, wọ́n sì fọkàn balẹ̀ pé VPN ti bo àwọn. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn nídìí èyí.

Èrò tiwa nìyí: VPN mọ iṣẹ́ kan ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ó ń dí ojú ẹni tó ń gbé ẹrù fún yín, kó má mọ ibi tí ẹrù ń lọ gan-an. Kò dí ojú ẹni tó ni ẹ̀rọ tí ẹ fi ń di ẹrù náà. Ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àwọn èèyàn wa sì ń pò wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ibi tí ọ̀pọ̀ wa ṣì rántí. Ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ pàṣẹ pé ká máa san fáráǹkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lo Fésíbúùkù, Wáásáàpù àti irú wọn. Ariwo sọ, àwọn ọ̀dọ́ kọ̀ jálẹ̀, nígbà tó sì fi di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n ti fagi lé àṣẹ náà. Owó yẹn la bínú sí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ò bi ara wa: báwo ni onírẹ́sọ́, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí ń ta mẹ́gà fún wa, ṣe fẹ́ mọ mẹ́gà tó bá Wáásáàpù lọ yàtọ̀ sí mẹ́gà tó bá nǹkan mìíràn lọ? Kò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ọ̀nà kankan. Ó ń rí i tẹ́lẹ̀.

Bó ṣe ń rí i ni pé kí fóònù tó dé ibikíbi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní láti kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà ibẹ̀. Orúkọ là ń tẹ̀, nọ́ńbà ni ẹ̀rọ ń lò. Ìbéèrè yẹn, tí wọ́n ń pè ní DNS, sábà máa ń gba ọ̀dọ̀ onírẹ́sọ́ fúnra rẹ̀ kọjá, ní gbangba. Tí fóònù bá wá kan ilẹ̀kùn ibi tó ń lọ, ó tún sábà máa ń dá orúkọ ibẹ̀ níta kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ohun tí ẹ bá sọ nínú ilé lẹ́yìn náà ti wà lábẹ́ èdìdì. Onírẹ́sọ́ ò rí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí ìyàwó yín. Ṣùgbọ́n ó mọ ilé tí ẹ wọ̀.

Tí ẹ bá wá tan VPN, fóònù yín á kó gbogbo ìyẹn, ìbéèrè orúkọ àti ilẹ̀kùn tí ẹ kàn, sínú àpò kan, á so ó pa, á sì kọ àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo sí i lára: ti kọ̀ǹpútà àwọn oní-VPN, tó lè wà ní Amsitadámù tàbí Parí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa tú àpò, tí wọ́n á sì pín ẹrù síbi tó ń lọ.

Ẹ fojú inú wo àpò tí ẹ gbé fún awakọ̀ takisí ní gáréèjì Kétu kó bá yín gbé e dé Kútọnu. Ẹ ti rán ẹnu rẹ̀. Awakọ̀ ò mọ̀ bóyá àgbàdo ló wà níbẹ̀ tàbí aṣọ. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó gbé e fún un. Ó mọ aago tí ẹ gbé e wá, ó mọ bó ṣe wúwo tó, ó sì mọ ilé tó já a sí ní Kútọnu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni onírẹ́sọ́. Ohun tó lè wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ nípa àpò yín kò ju báyìí lọ:

```
09:10:04  UDP  10.20.4.17 -> 203.0.113.25:51820
09:52:31  up 12 MB   down 340 MB
```

Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀. Ohun tó ṣáájú ni aago tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 ni èyí tí onírẹ́sọ́ fún fóònù yín ní àárọ̀ yẹn. Ó mọ síìmù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, síìmù yẹn sì ti wà lórúkọ yín látọjọ́ tí ẹ ti gbé káàdì ìdánimọ̀ sílẹ̀ rà á. Nọ́ńbà kejì ni ti kọ̀ǹpútà àwọn oní-VPN. 51820 tó wà ní ìparí rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí irú VPN kan tó ń jẹ́ WireGuard sábà máa ń gbà. OpenVPN ní tirẹ̀ sábà máa ń gba 1194. Nítorí náà, onírẹ́sọ́ mọ̀ pé VPN lẹ ń lò, kò sì ní láti jẹ́ ajẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Ìlà kejì sọ aago tí ẹ parí, ó sì sọ ìwúwo: mẹ́gà 12 jáde, 340 wọlé.

Orúkọ ojúlé tí ẹ lọ ò sí níbẹ̀. Wáásáàpù ò sí níbẹ̀, Yútúùbù ò sí níbẹ̀. Ohun tí VPN ṣe fún yín nìyẹn, kì í sì í ṣe kékeré.

Ṣùgbọ́n ìwúwo náà ń sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹni tó gba mẹ́gà 340 wọlé tó sì rán 12 péré jáde, ó jọ pé fídíò ló ń wò tàbí pé ó ń gba fáìlì ńlá. Tí èyí tó wọlé àtèyí tó jáde bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí wọ́n ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láì dúró fún ogún ìṣẹ́jú, ó jọ ìpè ojúkojú. Àfojúsùn lásán ni, kì í ṣe ẹ̀rí.

Ibi tí ẹ wà náà, VPN ò lè fi pamọ́ fún onírẹ́sọ́. Ojúlé tí ẹ lọ lè rò pé Amsitadámù lẹ wà, ṣùgbọ́n òpó rẹ́sọ́ tó wà lẹ́yìn ọjà ni fóònù yín so mọ́, onírẹ́sọ́ ló sì ni òpó náà. Tí ẹ bá gbéra láti Kétu lọ sí Pọ́bẹ̀, òpó kan á fi yín lé òpó mìíràn lọ́wọ́ títí ẹ ó fi dé. Bákan náà ni ìpè lásán, SMS, àti kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `*` tó parí pẹ̀lú `#` tí a fi ń fi owó ránṣẹ́. Àwọn yẹn ò gba inú VPN kọjá rárá.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí ìyàtọ̀ láàárín ohun tí onírẹ́sọ́ mọ̀ àtohun tí kò mọ̀, ẹ wo fọ́fè yín. Fọ́fè kan wà tí wọ́n ń tà fún Wáásáàpù àti Fésíbúùkù nìkan. Ẹ rà á, kí ẹ tan VPN, kí ẹ sì ṣí Wáásáàpù. Nínú kí ó má ṣiṣẹ́, tàbí kí ó máa jẹ owó tó wà lórí síìmù yín, ọ̀kan ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bá àwọn tó ń ta mẹ́gà jà lórí èyí, wọ́n ní wọ́n ja àwọn lólè. Níbi yìí, a ò dá onírẹ́sọ́ lẹ́bi: ẹ ti ran ẹnu àpò, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé Wáásáàpù ló wà nínú rẹ̀ kó tó lè kà á sí fọ́fè náà? Kò mọ orúkọ ẹrù, ṣùgbọ́n ó wọn gbogbo rẹ̀, ó sì gba owó rẹ̀. Àpò náà fúnra rẹ̀ tún ní ìwúwo tirẹ̀: WireGuard ń fi nǹkan bíi báìtì 60 kún ìdì kọ̀ọ̀kan, ìdì tó kún dáadáa ò sì ju báìtì 1500 lọ. Nínú mẹ́gà 100, bíi 4 ni àpò yóò jẹ.

Àpò tún máa ń já lójú ọ̀nà. Tí rẹ́sọ́ bá lọ tó sì padà, bó ṣe sábà máa ń rí lójú ọ̀nà wa, VPN á gé, fóònù á sì padà sí gbangba títí VPN á fi tún so mọ́ra. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan yẹn, gbogbo áàpù tó wà nínú fóònù á ti sáré lọ wo bóyá iṣẹ́ tuntun dé, onírẹ́sọ́ á sì ka orúkọ gbogbo wọn. Àwọn fóònù Android ní ohun tí wọ́n fi ń dí èyí. Nínú ètò VPN, tí fóònù yín bá wà ní èdè Faransé, ẹ ó rí `VPN permanent`, àti lábẹ́ rẹ̀ `Bloquer les connexions sans VPN`. Ẹ tan méjèèjì. Lẹ́yìn náà, nígbà tí VPN ń ṣiṣẹ́, ẹ lọ sí `dnsleaktest.com`. Tí orúkọ onírẹ́sọ́ yín bá yọ nínú èsì rẹ̀, ìbéèrè orúkọ ṣì ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ, àpò yín ti lu.

Ó tún dáa ká rántí ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, ọjọ́ ìdìbò àwọn aṣòfin ní Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dí Wáásáàpù àti Fésíbúùkù, àwọn èèyàn sáré sí VPN. Nígbà tó yá, wọ́n gé íńtánẹ́ẹ̀tì pátápátá, VPN sì dákẹ́. Takisí náà ló ń gbé àpò. Tí takisí ò bá rìn, àpò ò rìn.

Ọ̀rọ̀ onírẹ́sọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọ̀gá ibi iṣẹ́, ibi tí ewu gan-an wà.

Tó bá jẹ́ fóònù tiyín ni, tí ẹ kàn ń lo wífì ọ́fíìsì, ọ̀gá yín dúró sí ipò awakọ̀ takisí. Ó rí àpò, aago, ìwúwo, àti ilé àwọn oní-VPN. Ó tún sábà máa ń rí orúkọ tí fóònù ń pe ara rẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń pín wífì, orúkọ yẹn sì lè jẹ́ èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ sí i nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Nínú ọ́fíìsì tí èèyàn 30 wà, tó bá jẹ́ fóònù yín nìkan ló ń rán àpò tí a rán pa lọ sí Amsitadámù láti aago 9 àárọ̀, ẹ ti yàtọ̀ sí àwọn 29 yòókù. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò dùn létí, ṣùgbọ́n níbẹ̀, VPN tí ẹ tàn kí wọ́n má baà rí yín ni wọ́n fi rí yín.

Tó bá wá jẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni, gbogbo òwe takisí ti tán. Ọ̀gá ò sí lójú ọ̀nà mọ́. Inú yàrá tí ẹ ti ń di ẹrù ló jókòó sí.

Ká sọ pé òṣìṣẹ́ kan ní Kútọnu jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ní aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 10. Ó ti fi VPN tí òun fúnra rẹ̀ ń sanwó fún sí i. Ó tàn án, ó ṣí ojúlé tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́, ó kọ ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́. Onírẹ́sọ́ ò mọ nǹkan kan. Kí ni ọ̀gá rẹ̀ lè mọ̀?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà lè rí àkójọ gbogbo ohun tí wọ́n fi sínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. VPN náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó wọlé. Kò tíì rán àpò kankan tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní àpò.

Èkejì, tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ìṣọ́ sínú kọ̀ǹpútà náà, irú èyí tó ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tàbí tó ń ka ohun tí ọwọ́ ń tẹ̀, ohun tí ojú òṣìṣẹ́ náà rí ni ẹ̀rọ yẹn rí. VPN ń di ọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà, ó wà ní ìhòòhò. Ẹ fi VPN mẹ́wàá léra, àwòrán ojúlé tó ń wá iṣẹ́ náà ni wọ́n máa yà. Ìwé ìtàn iṣẹ́ tó sì gbà sínú kọ̀ǹpútà ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tó bá pa VPN.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí a rí i pé àwọn èèyàn kì í rò. Ímeèlì iṣẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ní aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 5, ímeèlì náà wọlé láti Kútọnu. Ní aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 10, ó wọlé láti Amsitadámù. Àwọn ètò ímeèlì tí ilé-iṣẹ́ ń rà lọ́wọ́ Google àti Microsoft máa ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì tí òṣìṣẹ́ gbà wọlé sílẹ̀ fún alábòójútó, wọ́n sì lè kì í nílọ̀ pé ẹnì kan ti rin ìrìn tí ọkọ̀ òfuurufú ò lè rìn láàárín ìṣẹ́jú 5. Alábòójútó tó rí i lè rò pé olè ló jí kóòdù òṣìṣẹ́ náà, kó ti ímeèlì pa, kó sì pè é wá ṣàlàyé. Èyí lè ṣẹlẹ̀ kódà lórí fóònù tiyín, nílé yín, tí ímeèlì iṣẹ́ bá ṣáà wà lórí rẹ̀ tí VPN sì tàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ láti ilé fún ilé-iṣẹ́ ní Faransé tàbí ibòmíràn, ẹ fetí sí èyí. VPN tí ilé-iṣẹ́ fún yín yàtọ̀ sí VPN tí ẹ rà. Ti ilé-iṣẹ́ ni, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń tú àpò. Tí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ kí ohun gbogbo gba inú rẹ̀, tí ẹ bá parí iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ gbàgbé láti pa á, àwọn ojúlé tí ẹ lọ ní alẹ́ gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín kọjá. Ó ti di onírẹ́sọ́ yín. Ohun kan náà ló kan VPN ọ̀fẹ́: ẹni tó ń tú àpò ń rí ohun tí onírẹ́sọ́ ń rí tẹ́lẹ̀. Fésíbúùkù ra ilé-iṣẹ́ Onavo ní ọdún 2013, wọ́n fún àwọn èèyàn ní VPN rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń fi í wo áàpù tí wọ́n ń lò, kó tó di pé wọ́n pa á tì ní 2019.

Báwo lẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ọ̀gá ní ọwọ́ nínú kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò? Nínú Chrome, ẹ tẹ `chrome://management` síbi tí ẹ ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí. Á sọ fún yín bóyá ilé-iṣẹ́ ló ń darí rẹ̀. Nínú Windows tó wà ní èdè Faransé, ẹ lọ sí `Paramètres`, lẹ́yìn náà `Comptes`, kí ẹ wo `Accès Professionnel ou Scolaire`. Tí orúkọ ilé-iṣẹ́ yín bá wà níbẹ̀, ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀. Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ìyẹn ò ní kí ẹ jó: àwọn ẹ̀rọ ìṣọ́ kan wà tí kì í yọ síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín, ẹ ṣáà gbà pé olówó rẹ̀ ń wò ó.

Àwọn kan á sọ fún wa pé ọ̀gá ló ni kọ̀ǹpútà, ohun tó bá wù ú ló lè ṣe. A gba apá kan nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti ṣọ́ ohun ìní rẹ̀ kí kòkòrò má wọlé, kí ìwé oníbàárà má sì jáde. Ohun tí a ò gbà ni pé kó máa ṣe é níkọ̀kọ̀. Òfin Bẹ̀nẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayélujára, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, fún ẹni tí wọ́n ń kó ìròyìn jọ nípa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé wọ́n ń kó o jọ, láti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, àti láti béèrè pé kí wọ́n fi han òun. APDP ni àjọ tó ń bójú tó o. Tógò ní tirẹ̀ pẹ̀lú, òfin 2019-014 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2019, àjọ tiwọn sì ni IPDCP. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà lé yín lọ́wọ́, ẹ béèrè ní kíkọ sílẹ̀: kí lẹ ń wò lórí rẹ̀, ta ló ń wò ó, ẹ ó sì tọ́jú rẹ̀ pẹ́ tó? Ilé-iṣẹ́ tó ṣe tán láti ṣọ́ òṣìṣẹ́ 30, ó yẹ kó lè kọ ìwé ojú kan.

Ẹni tó bá sì ń wá iṣẹ́ mìíràn, tàbí tó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá lọ́yà sọ nípa ọ̀gá rẹ̀, kò tiẹ̀ nílò VPN kó tó lè bọ́ lójú ọ̀gá. Kó mú fóònù tara rẹ̀, kó pa wífì ọ́fíìsì, kó ra fọ́fè kékeré, kó lo ímeèlì tirẹ̀ tí iṣẹ́ ò mọ̀. Onírẹ́sọ́ á mọ orúkọ ojúlé tó lọ, ṣùgbọ́n onírẹ́sọ́ kọ́ ló ń san owó oṣù rẹ̀. Tó bá fẹ́ kí onírẹ́sọ́ náà má mọ̀, ìgbà yẹn ni kó wá tan VPN.